"Ẹ jẹ́ kó rọ̀" kò tó: ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onídìrí kí ẹ tó jókòó

Èrò mi rèé: ẹni tí awọ orí rẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹgẹ́ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tó bá jókòó sórí àga onídìrí kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀. Kó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Kó má sì kọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀" nìkan, torí gbólóhùn yẹn kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan tó lè tẹ̀ lé. Ohun tó rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó le lórí ẹlòmíì. Onídìrí tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti ogún ọdún á ní ọwọ́ òun ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, òótọ́ inú ẹ̀ ló sì ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́ ni èyí tó bá ní ibi, iye àti àmì nínú: ibi tó ń dùn yín, iye irun tí ẹ fẹ́ kó fi sí i, àti àmì tí ẹ̀yin méjèèjì á fi mọ̀ pé ó ti le jù.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣáájú? Torí pé lórí àga, agbára kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Onídìrí ti la irun, ó ti gé atáṣímẹ́ǹtì sọ́wọ́, èèyàn méjì ń dúró lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá ní kó tú mẹ́wàá tó ti dì, ìdajì wákàtí rẹ̀ ló lọ yẹn. Bí ẹ bá pariwo, ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, á ní "ṣé ọmọ kékeré ni ẹ́ ni?" Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ibi téèyàn ti sọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Nínú ọ̀rọ̀ Wásáàpù, onídìrí lè rò ó, ó lè béèrè ìbéèrè, ó sì lè sọ iye owó tó máa gbà, láìsí ẹni tó ń wò wọ́n.

Èyí tí mo kọ sí onídìrí mi tuntun rèé. Mo yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò, ìyókù wà bó ṣe wà.

"Ẹ káàsán mà, Àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi tí mo fẹ́ wá dìrí ní Sátidé aago mẹ́sàn-án ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín kí n tó dé.

Awọ orí mi máa ń tètè dùn mí. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn mo dìrí onítáṣímẹ́ǹtì ní ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n fà á le gan-an, pàápàá níwájú àti lẹ́bàá etí. Mo sọ fún wọn pé ó ń dùn mí, wọ́n ní ó máa rọ̀ tó bá di ọ̀la. Nígbà tí wọ́n ń ki ìsàlẹ̀ irun bọ omi gbígbóná, omi náà ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn. Mi ò lè fi orí lélẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn nǹkan kéékèèké bí èéwo tú jáde létí irun mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo tú gbogbo ti iwájú. Irun ẹ̀bá etí mi lápá òsì ṣì fọ́nká títí di ìsinsìnyí. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí mà:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ya irun mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nígbà tó bá lómi díẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ di àárín irun náà mú kí fífà òòyà má dé ìdí rẹ̀.

Ní ìlà àkọ́kọ́ níwájú àti lẹ́bàá etí méjèèjì, ẹ má mú irun wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ìpín ibẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kí atáṣímẹ́ǹtì tó máa wọ̀ ọ́ sì jẹ́ ìdajì ti àárín orí. Irun tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa fi atáṣímẹ́ǹtì kún un díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ti dì mẹ́ta níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mo máa gbé ìpéǹpéjú sókè, mo máa tẹ orí síwájú. Bí awọ bá ti ń fà mí, tàbí tí ẹ rí i pé awọ ìdí irun gbéra bí àgọ́, ká tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká tún un dì.

Tí mo bá gbé ọwọ́ òsì sókè nígbàkígbà, ó túmọ̀ sí pé ó ti ń dùn mí gan-an. Mi ò ní máa gbé e lásán.

Níbi omi gbígbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú kí irun máa rọ̀ sílẹ̀ kúrò lára mi, kí ẹ sì fi táwẹ́ẹ̀lì nípọn bo ọrùn àti èjìká mi.

Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bá máa bá yín dì í, kò sí wàhálà, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ jọ̀ọ́ ẹ dì ti iwájú.

Mo mọ̀ pé ó máa gba àsìkò ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹ sọ iye tí ẹ máa fi kún un. Tí ẹ bá rí i pé kò ní ṣeé ṣe, ẹ sọ fún mi mà, mi ò ní bínú. Ẹ ṣeun mà."

Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí kò ní ìdí, àwọn ìdí yẹn ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé, torí ẹni tó bá mọ ìdí lè yí ọ̀rọ̀ náà padà kó bá orí tirẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí mo sọ. Kí ló kan onídìrí tuntun nípa ohun tí ẹlòmíì ṣe ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn? Ó kàn án, torí pé ìtàn yẹn ń sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti bí ara mi ṣe dáhùn. Irun fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan lára. Kẹ́rátìn ni, ó ti kú, ìdí nìyẹn tí gígé irun kì í fi í dunni. Ṣùgbọ́n nínú awọ, ihò tí irun kọ̀ọ̀kan ti ń hù jáde ní iṣan ìmọ̀lára tó yí i ká bí àwọ̀n. Irun náà wá dà bí ọ̀pá gígùn tí a rì mọ́lẹ̀: bí a bá fa orí rẹ̀ tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀ ló ń mì, àwọn iṣan yẹn á sì gbọ́ ọ.

Bí fífà bá pọ̀ tó sì pẹ́, ihò irun á bínú. Ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbẹ̀, ibẹ̀ á gbóná, á wú, ara á sì tú àwọn kẹ́míkà kan sílẹ̀ tó ń mú kí àwọn iṣan ìmọ̀lára yá ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà yẹn, ohun tí kì í dunni tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni: ìrọ̀rí, gèlè, kódà afẹ́fẹ́ fáànù. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí lára awọ tí oòrùn tàbí iná bá jó. Aṣọ tó ń gbá a lásán á dà bí abẹ́rẹ́. Aṣọ náà kò yí padà, iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Nítorí náà, "orí ẹlẹgẹ́" kì í ṣe àṣejù. Ohun kan náà tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ tó jóná ló ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó tú jáde lọ́jọ́ kejì kọ́ ni "irun tuntun ń mú mi" tí àwọn èèyàn máa ń sọ. Ihò irun tó ti wú nítorí fífà ni. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ìdí irun tí wọ́n fà jù ni wọ́n wà, kì í ṣe káàkiri orí. Ìyẹn ni àmì tó yẹ kí ẹ sọ fún onídìrí tuntun, torí onídìrí tó mọṣẹ́ á ti rí irú rẹ̀ rí, á sì mọ ohun tí ẹ ń wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iwájú orí. Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ iye atáṣímẹ́ǹtì níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní wọ́n lo páálí atáṣímẹ́ǹtì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 160 gíráàmù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 480 gíráàmù, kò jìnnà sí ìwúwo ìgò omi kékeré. Ká ní wọ́n pín in sí ọ̀nà 60. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á wúwo tó gíráàmù 8. Irun tó wà lórí èèyàn jẹ́ nǹkan bí 100,000. Bí a bá pín in sí 60 lọ́gbọọgba, ìpín kọ̀ọ̀kan á ní nǹkan bí 1,600 irun. Gíráàmù 8 tí 1,600 irun jọ ń gbé, kò tó nǹkan rárá. Ẹyọ irun kọ̀ọ̀kan kò gbé ju ìdá kan nínú igba gíráàmù lọ.

Ṣùgbọ́n wọn kì í pín in lọ́gbọọgba. Létí orí, níbi tí irun ti fọ́nká tó sì tín-ín-rín, onídìrí á fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé kó lè mọ́ lójú. Á mú irun wẹ́wẹ́ bí 50 péré, á sì fi atáṣímẹ́ǹtì kan náà tó gbé sí àárín orí sí i. Gíráàmù 8 lórí irun 50 jẹ́ 0.16 gíráàmù fún ẹyọ kan. Ìyẹn ju ti àárín orí lọ ní ọ̀nà ọgbọ̀n ó lé, lórí irun tó tún tín-ín-rín jù. A ò tíì ka agbára ọwọ́ tó fà á nígbà tí wọ́n ń dì í, a ò tíì ka ìgbà tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sókè orí, a ò sì tíì ka ìgbà tó bá mu omi lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, orí yín lè yàtọ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí kì í yí padà: ìṣòro kì í sábà jẹ́ pé irun náà wúwo jù lápapọ̀, bí kò ṣe pé ìpín tó kéré jù lọ ló ń ru ẹrù kan náà pẹ̀lú èyí tó tóbi jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún Àǹtí pé kí ìpín iwájú fẹ̀, kí atáṣímẹ́ǹtì ibẹ̀ jẹ́ ìdajì, kí irun wẹ́wẹ́ sì wà níta.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń so kókó sí ní ìdí, gbogbo atáṣímẹ́ǹtì ló ń bá awọ orí pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún un kó má bàa yọ̀. Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní nọ́tílẹ́ẹ̀sì, irun yín ni wọ́n kọ́kọ́ dì, atáṣímẹ́ǹtì á wá máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdí irun kò sì ní gba ẹrù náà lójijì. Ó ń gba àsìkò jù, ó sì ń wọ́n jù, ṣùgbọ́n fún awọ orí tó ti bínú rí, ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ẹ kàn má rò pé orúkọ náà ti tó. Ọwọ́ tó le lè dì nọ́tílẹ́ẹ̀sì títí tí ojú yín á fi fà.

Àmì ìpéǹpéjú tí mo fi sínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Awọ orí àti awọ iwájú jọ so pọ̀ ni. Bí ìdí irun bá wà bó ṣe yẹ, ẹ lè gbé ìpéǹpéjú sókè kí awọ sì sún dáadáa. Bí ó bá ti le jù, awọ kò ní sún, tàbí ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹni ń fa okùn. Ohun tí onídìrí lè fojú ara rẹ̀ rí ni ti awọ tó gbéra bí àgọ́ ní ìdí irun. Mo fẹ́ràn àmì méjèèjì yìí torí pé wọn kò dá lórí bóyá mo le lọ́kàn tàbí mi ò le lọ́kàn. Ẹ̀yin méjèèjì lè rí i. Ìgbà tó sì dára jù láti rí i ni ìgbà tí mẹ́ta péré wà nílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ọgọ́ta ti parí.

Omi gbígbóná ńkọ́? Ní ọdún 2021, David Julius àti Ardem Patapoutian gba Ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì torí iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń mọ ooru àti ìfọwọ́kàn. Julius ló ṣàwárí ẹnu ọ̀nà kékeré kan lára iṣan ìmọ̀lára tó máa ń ṣí nígbà tí ooru bá ti tó nǹkan bí 43 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Ẹnu ọ̀nà kan náà yìí ni oró ata ń ṣí, ìdí nìyẹn tí ata fi ń jóni lẹ́nu bí iná. Ohun tó kàn wá ni pé nígbà tí awọ bá ti wú, ẹnu ọ̀nà yìí kì í dúró de 43 mọ́, ó máa ń ṣí nígbà tí ooru kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́ iná lórí yín, pàápàá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa orí náà fún wákàtí márùn-ún. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ní tiẹ̀ kò nílò àlàyé, ó lè bó ẹnikẹ́ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí tí wọ́n fi ń ki irun bọ̀ ọ́ ni pé ó ń dí ẹnu atáṣímẹ́ǹtì kó má tú, ìsàlẹ̀ irun nìkan ló sì nílò rẹ̀. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó sún mọ́ awọ.

Nǹkan kan wà tí mi ò kọ, tí ọ̀pọ̀ á ní kí n kọ: "mo máa lo parasítámọ́ọ̀lù kí n tó wá." Mo mọ̀ pé àṣà ni, àwọn mìíràn ń lo méjì kí wọ́n tó jókòó, méjì kí wọ́n tó sùn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Òògùn yẹn kò dín fífà kù rárá, ohùn tó ń kìlọ̀ fún yín ló ń dín kù. Ó dà bí kéèyàn fi òwú dí agogo iná lẹ́nu nígbà tí ilé ń jó. Lórí àga onídìrí, ìrora ni ìwọ̀n kan ṣoṣo tí ẹ ní tí onídìrí kò ní, tí ẹ bá sì pa á, ẹ̀yin méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn.

Ohun tó wà nílẹ̀ sì ju òru kan tí èèyàn kò sùn lọ. Irun tí wọ́n ń fà léraléra á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká létí orí. Bí wọ́n bá tètè dáwọ́ fífà náà dúró, ó sábà máa ń hù padà. Bí ó bá pẹ́ fún ọdún púpọ̀, àpá á gba ibi tí ihò irun wà, irun kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àrùn aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn, Trebitsch, ní ọdún 1907, àwọn obìnrin Giriníláǹdì tó ń di irun wọn le sókè ló rí i lára wọn. Ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ láàárín wa torí bí a ṣe ń ṣe irun wa. Nonhlanhla Khumalo, dókítà awọ ara ní Gúúsù Áfíríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ orí àwọn àgbàlagbà wò ní Kéépù Táùn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007: nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́ta ló ní in. Iṣẹ́ wọn tún fi hàn pé ewu rẹ̀ pọ̀ gan-an fún ẹni tó bá di irun onírílásà, torí rílásà ti sọ irun náà di aláìlágbára kí fífà tó dé bá a. Tí irun yín bá ní rílásà, ẹ fi kún ọ̀rọ̀ yín, ó ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fóònù ya iwájú orí àti ẹ̀bá etí yín nígbà tí irun bá wà ní títú, kí ẹ wo ó dáadáa. Àmì tí àwọn dókítà máa ń wá ni ìlà tín-ín-rín irun kúkúrú tó ṣẹ́kù níwájú pátápátá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti pá. Ìlà yẹn ṣẹ́kù torí ó kúrú jù fún ọwọ́ onídìrí láti mú. Fọ́tò yìí náà ló dára láti fi ránṣẹ́ sí onídìrí, torí ohun tó bá rí máa ń yé e ju ohun tó kà lọ.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn onídìrí máa ń sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òfo: "Tí kò bá le, kò ní pẹ́, tí kò bá sì pẹ́, èmi náà lẹ máa bú." Òótọ́ ni pé àwọn oníbàárà kan ń fẹ́ kí irun wà lórí fún oṣù méjì kó sì máa dán bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń mú kí irun dídì gbó. Irun wa ń hù ní nǹkan bí mílímítà 8 lóṣù. Bó ti wù kí wọ́n fà á le tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdí rẹ̀ ti fi mílímítà 8 jìnnà sí awọ. Líle kò lè dá irun dúró kó má hù. Ohun tó máa ń jẹ́ kó wà ní mímọ́ ni ìpín tó tọ́, ìlà tó gún, àti gèlè tàbí fìlà tí ẹ bá fi ń sùn. Líle ń jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dán, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà sì ni ìrora wà. Lójú tèmi, òwò tí kò lérè nìyẹn.

Nígbà tí Àǹtí dáhùn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ mélòó lo fẹ́ kó lò?" Mo ní mẹ́rin. Ó ní tó bá jẹ́ mẹ́rin ni, kò sí ìdí tí òun á fi fún iwájú rárá, pé àwọn tó ń fẹ́ oṣù méjì ló ń jẹ́ kí òun máa fún un. Ó fi owó díẹ̀ kún un nítorí àsìkò, ó sì yí aago mẹ́sàn-án padà sí aago méje kí èrò tó pọ̀. Ẹ rí i pé ohun tó mú un fọkàn balẹ̀ ni pé a ti jọ sọ iye ọ̀sẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa padà wá bú u. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n fi iye ọ̀sẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ wọn. Ó tó ìlà kan péré, ó sì ń tú ìdí tó pọ̀ jù nínú ìdí tí ọwọ́ fi ń le.

Ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ ní ibi tó mọ sí o. Tí orí bá ń dùn yín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, tí ẹ̀fọ́rí olójú kan bá máa ń ṣáájú rẹ̀, tí awọ bá ń bó tàbí tó ń sun ọyún, tí ibì kan bá pá róbótó bí làpálàpá, tàbí tí àárín orí bá ń ta yín tí irun ibẹ̀ sì ń dín kù, onídìrí tó fọwọ́ rọ̀ jù láyé kò lè wo ìyẹn. Dókítà awọ ara lẹ máa rí, ẹ má sì dì í títí tí ẹ ó fi rí i. Bákan náà, tí ẹ bá ti dìrí tí ìrora kò sì tíì lọ lọ́jọ́ kejì, tàbí tí èéwo kéékèèké bá jáde, ẹ má dúró de kó rọ̀. Ẹ tú èyí tó wà níbi tó ń dùn yín lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá jẹ́ mẹ́wàá iwájú nìkan. Owó tí ẹ san kò ní padà wá, ṣùgbọ́n ihò irun tó ti di àpá náà kò ní padà wá.

Ẹ lè mú ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yìí, kí ẹ yọ ìtàn tèmi, kí ẹ fi tiyín sí i. Ibi tó dùn yín, ọjọ́ tó gbà kó tó lọ, ohun tó jáde lára, iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́, àmì tí ẹ máa fi dá a dúró. Tí onídìrí bá kà á tó sì ní òun kò lè ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíì. Ó sàn kó sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ju kí orí yín sọ ọ́ fún yín láàárín òru.